Ímeèlì tí ọ̀gá ní kí n fi ránṣẹ́ kò yé kọ́stọ́mà

Ọmọ Sábó:

Ẹ n lẹ́ o, ará ilé. Ọ́fíìsì wa ní Ìkòròdú ń ta firísà tó ń lo sólà. Kọ́stọ́mà á gbé e lọ, á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń ta omi tútù ló ń rà á jù. Ọ̀gá ní kí n fi ímeèlì yìí ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí díẹ̀ nínú wọn, fóònù ò sì jẹ́ kí n sinmi mọ́, kálukú ń béèrè ohun tí a ń sọ. Ọ̀gá ní kí n tún un kọ kó yé èèyàn, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Òun nìyí:

> Níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà tí ó ti gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yìí, èyí tí iye owó rẹ̀ kò tíì pé, bá kùnà láti san owó oṣù tí ó tọ́ láàárín ọjọ́ 7, láìka ìdí yòówù tí ó lè fa ìkùnà náà sí, àyàfi bí kò bá jẹ́ pé a kò fún un ní ìfitónilétí tí ó yẹ, iléeṣẹ́ yóò ní ẹ̀tọ́ láti ti ẹ̀rọ náà pa tàbí láti gbà á padà, a kì yóò sì dá owó tí ó ti san ṣáájú padà, àfi bí ó bá san gbèsè náà pẹ̀lú ìtanràn ìdá 5 nínú 100 kí ìgbàpadà tó wáyé.

* * *

Ṣókí Ni Tèmi:

Kí ló le níbẹ̀? Gé e sí wẹ́wẹ́. Ibi tí o bá ti rí kọ́mà, gbólóhùn tuntun ni kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo ti bá ẹ ṣe é:

> Tí ẹ kò bá san owó oṣù láàárín ọjọ́ 7, a ó ti ẹ̀rọ pa. A ó sì wá gbé e. A kò ní dá owó yín padà. Ẹ ó san ìtanràn ìdá 5 nínú 100.

Gbólóhùn 4 péré. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

* * *

Ìyá Olúwo:

Ọmọ mi, má ṣe san kọ́bọ̀ fún wọn o! Irú ìwé báyìí ni wọ́n kọ sí èmi náà níbí ní Ẹ̀pẹ́. Mo ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń dì ẹja sínú ọ̀rá, kò ṣiṣẹ́, mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé “ìdápadà owó yóò wáyé lẹ́yìn tí ìfọwọ́sí bá ti wáyé.” Èmi rò pé ọ̀gá wọn ló máa fọwọ́ sí nǹkan kan, mo bá jókòó dè wọ́n. Àṣé èmi ni wọ́n ń retí pé kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan. Èmi ń dúró, àwọn náà ń dúró. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi pè wọ́n, wọ́n ní ìwé ti sọ ọ́. Ìwé wo ló sọ ọ́?

Gbé ẹjọ́ wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

* * *

Bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Wọn kò kọ̀wé sí Ọmọ Sábó, òun gan-an ló fẹ́ kọ ìwé sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiyín yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó fojú ibi tí àìsàn náà wà hàn wá. Ẹ wo “ìdápadà yóò wáyé”, ẹ wo “ìfọwọ́sí bá ti wáyé”. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan. Ta ló ń dá owó padà? Ta ló ń fọwọ́ sí i? Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń kà á ni kò mọ̀ ọ́n. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé “Ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí, a ó sì dá owó yín padà”, ẹ kò bá tí jókòó de ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Sábó, má tíì gé nǹkan kan. Mú bírò, kọ gbogbo ohun tí èèyàn ń ṣe nínú gbólóhùn náà sílẹ̀, kí o sì kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi kà á báyìí: oníbàárà gba ẹ̀rọ, oníbàárà kò tíì san owó tán, oníbàárà kò san owó oṣù, ẹnìkan fi tó o létí, iléeṣẹ́ ti ẹ̀rọ pa, iléeṣẹ́ wá gbà á, iléeṣẹ́ kò dá owó padà, oníbàárà san gbèsè àti ìtanràn. Nǹkan 8 rèé nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó lè fi orí gbé 8 kó tó dé àmì ìdúró.

Lẹ́yìn náà, tò wọ́n bí wọ́n ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ọjọ́ owó kọjá, ẹ kìlọ̀ fún kọ́stọ́mà, ọjọ́ 7 kọjá, ẹ ti ẹ̀rọ pa, kọ́stọ́mà sanwó tàbí kó má san, ẹ wá gbé ẹ̀rọ. Nínú ìwé ọ̀gá yín, ìkìlọ̀ wà láàárín méjì, ohun tí kọ́stọ́mà lè fi gba ara rẹ̀ là sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba firísà tí wọ́n sì ti gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀. Ẹni tó bá ti bẹ̀rù kò ní kà á débẹ̀.

Ṣókí, tìẹ rọrùn ún kà, àmọ́ kì í ṣe ìwé kan náà mọ́. Ọ̀gá wọn kọ “yóò ní ẹ̀tọ́ láti”, ìwọ kọ “a ó”. Ẹ̀tọ́ ni pé wọ́n lè ṣe é, wọ́n sì lè fojú fò ó. “A ó” ti di ìlérí, kọ́stọ́mà tí wọ́n bá ṣàánú fún lónìí á ní kí ló dé tí wọ́n gba ti ẹnìkejì òun. Ọ̀gá kọ “tàbí”, ìwọ kọ “a ó sì”. Ìkìlọ̀ tó yẹ kí wọ́n ṣe, ìwọ gbé e jù nù. Ẹni tó bá sì ka ìtanràn níbi tí o fi sí á rò pé lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé firísà lọ ni òun tún máa san án.

* * *

Ṣókí Ni Tèmi:

Bàbá, ìyá ẹlẹ́ja ló máa kà á, kì í ṣe adájọ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé tí òun ò bá sanwó, wọ́n á gba nǹkan. Ìyẹn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

* * *

Bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ìyá ẹlẹ́ja yẹn gan-an ló máa bi ọ́ pé “ẹ kò kìlọ̀ fún mi.” Ká wá wo ìkìlọ̀ náà, torí ibẹ̀ ni kókó tó le jù wà.

“Àyàfi bí kò bá jẹ́ pé a kò fún un ní ìfitónilétí.” Ẹ tú àwọn “kò” náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú wá sí òde. “A kò fún un ní ìfitónilétí”: wọn kò sọ fún un. “Kò jẹ́ pé a kò fún un”: irọ́ ni pé wọn kò sọ fún un, ìyẹn ni pé wọ́n sọ fún un. “Àyàfi” wá gun orí rẹ̀: iléeṣẹ́ lè ti ẹ̀rọ pa, àyàfi tí wọ́n bá ti sọ fún un. Ṣé ẹ rí i? Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kọ́stọ́mà tí ẹ kìlọ̀ fún ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí ẹ kò sọ nǹkan kan fún ni ẹ lè tì pa! Òdìkejì ohun tó wà lọ́kàn ọ̀gá yín ni.

Ibi tí “kò” bá ti lé ní ẹyọ kan lẹ́yìn “àyàfi”, mo máa ń yọ “àyàfi” náà kúrò pátápátá. Mo máa ń pín in sí ìhà méjì: tí a bá ti sọ fún yín, báyìí ló máa rí, tí a kò bá sọ fún yín, báyìí ló máa rí.

* * *

Ṣókí Ni Tèmi:

Kò sẹ́ni tó máa kà á báyẹn. Gbogbo wa la mọ ohun tó fẹ́ sọ.

* * *

Lọ́yà Orí Pápá:

Èmi mọ ẹni tó máa kà á báyẹn: lọ́yà kọ́stọ́mà. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá lè gba ìtumọ̀ méjì, ìhà tó gbe ẹni tí kò kọ ọ́ ni kóòtù sábà máa ń tẹ̀ sí. Ẹni tó kọ ọ́ ló yẹ kó kọ ọ́ kó dájú.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe ojúrere ni ọ̀gá ń ṣe fún kọ́stọ́mà bó bá kọ ọ́ kó yéni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, abala 114, ní kí ìwé tí òfin bá ní kí wọ́n fún oníbàárà wà ní èdè tó rọrùn. Wọn kò fi ọ̀mọ̀wé ṣe òṣùwọ̀n. Irú ẹni tí wọ́n dìídì kọ ìwé náà sí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́, ẹni tó kàwé níwọ̀nba, tó sì yẹ kó lóye rẹ̀ láìlàágùn. Abala 128 tún ní kí wọ́n pe àfiyèsí oníbàárà sí àwọn àdéhùn kan tó lè kó ẹrù lé e lórí, kó hàn gbangba, kó má sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Àmọ́ ẹ̀rù kan ń bà mí. Ìwé àdéhùn tí kọ́stọ́mà fọwọ́ sí ńkọ́? Ímeèlì kò lè dá yí àdéhùn padà. Bí ohun tí ẹ fẹ́ tú palẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ ti dá ìjà tuntun sílẹ̀.

* * *

Awakọ̀ Ọ̀gọ́lóńtò:

Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ṣé òfin kò ní tí èèyàn bá ti san ìdajì owó ọjà, ẹni tó tà á kò lè gbà á mọ́ àfi tó bá lọ sí kóòtù? Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo fẹ́ gba ọkọ̀ nìyẹn. Kí Ọmọ Sábó yáa kọ ọ́ sínú ímeèlì náà.

* * *

Lọ́yà Orí Pápá:

Òfin ti 1965 lórí ọjà tí èèyàn ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lo ń sọ, ó sì dára bó o ṣe rántí rẹ̀, àmọ́ ìdá 3 nínú 5 ni ti ọkọ̀. Ìdajì ni ti àwọn ọjà yòókù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé yàtọ̀ sí ọkọ̀, ọjà tí gbogbo owó rẹ̀ kò ju ₦2,000 lọ ni òfin náà kàn. Firísà wo ni wọ́n ń tà ní ₦2,000? Má jẹ́ kí ó kọ ọ́.

* * *

Bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé.

Ó ku kókó méjì tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ nìkan ló lè tú, ẹni tó ń tún un kọ kò gbọdọ̀ fi orí ara rẹ̀ mú ọ̀kan.

Èkíní ni “ìdá 5 nínú 100”. Ti kí ni? Ká ní owó oṣù jẹ́ ₦18,000, tí gbogbo gbèsè tó ṣẹ́kù lórí firísà sì jẹ́ ₦162,000. Tó bá jẹ́ ti owó oṣù tó pẹ́, ìtanràn náà jẹ́ ₦900. Tó bá jẹ́ ti gbogbo gbèsè, ₦8,100 ni. “Gbèsè náà” lè túmọ̀ sí méjèèjì. Ìjà gidi wà láàárín ₦900 àti ₦8,100.

Èkejì ni “láàárín ọjọ́ 7”. Láti ìgbà wo? Láti ọjọ́ tó yẹ kó san án, àbí láti ọjọ́ tí ẹ kìlọ̀ fún un? Bí ìkìlọ̀ bá dé lọ́jọ́ kẹfà, ọjọ́ kan ló kù fún un nínú ìṣirò kan, ọjọ́ 7 gbáko sì wà nínú ìkejì.

Ìkẹta wà, àmọ́ èyí lè yé wa láìbéèrè. “A kì yóò dá owó padà, àfi bí ó bá san gbèsè náà.” Bí “àfi” ṣe lẹ̀ mọ́ ìdápadà yẹn, ó dà bíi pé ẹni tó bá san gbèsè rẹ̀ tán, ẹ máa dá owó tó ti san látẹ̀yìnwá padà fún un. Ó wù mí kí n ra firísà yẹn! Ohun tó fẹ́ sọ ni pé bó bá san gbèsè, ẹ kò ní gba ẹ̀rọ. “Àfi” náà kàn jókòó sídìí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Bí gbólóhùn bá gùn, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ohun tó bá gbẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ ohun tó sún mọ́ ọn jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni “èyí tí iye owó rẹ̀ kò tíì pé” ṣe lẹ̀ mọ́ iléeṣẹ́, bíi pé wọ́n fẹ́ ta iléeṣẹ́ yín.

Lọ bi ọ̀gá, kó o padà wá.

* * *

Abílékọ Àjárà:

Èmi ń ka gbogbo èyí láti Àgbádárìgì, mo ń rẹ́rìn-ín. Ègùn ni ọ̀pọ̀ kọ́stọ́mà mi ń sọ, ìwé Yorùbá kò dùn ún kà fún wọn, bó ti wù kó rọrùn tó. Ohùn ni mo máa ń gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Kí ló dé tí ẹ kò fi ṣe bẹ́ẹ̀?

* * *

Lọ́yà Orí Pápá:

Ohùn dára, àmọ́ kó tẹ̀ lé ìwé ni. Bí ìjà bá dé, wọ́n á ní kí ni ẹ kọ.

* * *

Ọmọ Sábó:

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn, ó ní lọ́yà tó kọ ọ́ gbowó gidi. Nígbà tí mo ka ti “àyàfi bí kò bá jẹ́ pé a kò” fún un tí mo sì tú u bí Bàbá ṣe tú u, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó dákẹ́.

Ohun tó sọ rèé. Ìtanràn wà lórí owó oṣù tó pẹ́ nìkan. Ọjọ́ 7 bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá lọ sórí fóònù wọn. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ tì í pa láti ọ́fíìsì, wọn kì í ṣàdédé lọ gbé e. Ó ní kí n kọ ọ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ 30 tí wọ́n ti tì í pa ni wọ́n tó máa wá gbé e. Mo wo ìwé àdéhùn, àwọn yòókù bá a mu, ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 kò sí níbẹ̀.

* * *

Lọ́yà Orí Pápá:

Má kọ ọjọ́ 30. Tó bá wọ inú ímeèlì, kọ́stọ́mà á dì í mú gẹ́gẹ́ bí ìlérí. Tí ọ̀gá bá fẹ́ ṣe ìlérí náà, kó sọ fún lọ́yà rẹ̀ kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ kọ kọ́ ló yẹ kó máa fi ọjọ́ kún ọjọ́.

* * *

Bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà:

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́stọ́mà ni ọjọ́ 30 náà máa ṣe láǹfààní. Èyí ni mo kọ, ẹ wò ó:

> Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí owó oṣù firísà yín bá pẹ́
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì san owó firísà yín tán la kọ ìwé yìí sí.
>
> Tí ọjọ́ owó oṣù bá kọjá tí ẹ kò tíì san án, a ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ ní ọjọ́ 7 láti san owó náà. Ọjọ́ tí a bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ni ọjọ́ 7 náà bẹ̀rẹ̀.
>
> Tí ọjọ́ 7 bá kọjá tí ẹ kò san, a lè ti firísà náà pa láti ọ́fíìsì wa. Kò ní tutù mọ́. A sì lè wá gbé e. Ìdí yòówù tí ẹ kò fi san, a lè ṣe bẹ́ẹ̀.
>
> Tí a kò bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, a kò ní tì í pa, a kò sì ní gbé e.
>
> Tí a bá ti tì í pa, ẹ ṣì lè gbà á là kí á tó wá gbé e. Ẹ san owó oṣù tí ẹ jẹ àti ìtanràn. Ìtanràn jẹ́ ìdá 5 nínú 100 owó oṣù tó pẹ́ nìkan. Bí àpẹẹrẹ, tí owó oṣù tó pẹ́ bá jẹ́ ₦18,000, ìtanràn jẹ́ ₦900.
>
> Tí a bá wá gbé firísà náà, a kò ní dá owó tí ẹ ti san ṣáájú padà.

Mo lo “ẹ” àti “a” jálẹ̀. “Oníbàárà” àti “iléeṣẹ́” ló jẹ́ kí ìwé àkọ́kọ́ dà bí ẹjọ́ tí ẹlòmíràn ń jẹ́. Ẹni tó bá rí “ẹ” mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ó sì tún bọ̀wọ̀ fún àgbà. “Tí” ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn, mo mọ̀. Kò dùn bí ewì. Àmọ́ ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà á fi ojú ṣà á lójú ẹsẹ̀.

* * *

Ṣókí Ni Tèmi:

Kúkúrú la ní ká ṣe, ó wá gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ!

* * *

Bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ó gùn jù ú lọ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó kúrú, wọ́n ní kó yéni, kí nǹkan kan má sì bọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ kúrú torí pé kò dáhùn ìbéèrè ọjọ́ 7 láti ìgbà wo, àti 5 nínú 100 ti kí ni. Fóònù ni Ọmọ Sábó fi ń dáhùn ìyókù.

* * *

Ìyá Olúwo:

Ó yé mi wàyí, àmọ́ ó le létí. “A lè wá gbé e.” Àgbàlagbà lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kò lè fi “ẹ jọ̀wọ́” díẹ̀ sí i? Ẹ kò lè ní “ó lè di dandan fún wa”?

* * *

Bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ìyá wa, “ẹ jọ̀wọ́” kò burú níbi tí a ti ń ní kí wọ́n san owó. Ṣùgbọ́n níbi tí ìyà wà, kó hàn kedere ló sàn. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi “ẹ jọ̀wọ́” àti “pẹ̀lú ọ̀wọ̀” wé débi pé ẹni tó gbà á rò pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

* * *

Abílékọ Àjárà:

Èmi kò gbà fún Bàbá níbí yìí. Kọ́stọ́mà tó bá bínú kò ní kà á dé ìsàlẹ̀, bó ti wù kó hàn kedere tó. Lọ́dọ̀ mi, gbólóhùn kan tó ní “ẹ pè wá tí nǹkan bá le” máa ń mú kí wọ́n pe èèyàn kí ọjọ́ tó pé. Ọ̀gá kọ́ ló kọ ọ́ sínú àdéhùn, àmọ́ kò yí àdéhùn padà.

* * *

Bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà:

Èyí tó ní kí wọ́n pè wá yẹn, mo fara mọ́ ọn. Kí ó wà lẹ́yìn ìpínrọ̀ ọjọ́ 7, kó má ṣe gorí rẹ̀.

Ọmọ Sábó, kí o tó fi ránṣẹ́, fi han kọ́stọ́mà bíi mẹ́ta. Má bi wọ́n pé ṣé ó yé yín. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló máa dáhùn pé ó yé òun, kó má bàa tì ọ́ lójú. Bi wọ́n ní ohun tó ní ìdáhùn: “Tí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí bá dé lónìí, ìgbà wo ni ọjọ́ tí ẹ ní máa tán? Èló lẹ máa san kí firísà tó ṣí?” Ibi tí ẹni méjì bá ti gbà á lódì, ìwé lẹ̀bi, kì í ṣe wọn.

* * *

Ọmọ Sábó:

Mo ti ṣe é. Ìyá kan ní Ẹ̀bútẹ́ ní tí òun bá ti san ₦900, firísà máa ṣí. Ẹni tó ń ta omi tútù nítòsí garéèjì sọ ohun kan náà. Ojú wọn kàn bọ́ sórí iye tó kéré jù ni. Mo fi “àpapọ̀ ohun tí ẹ máa san jẹ́ ₦18,900” sí i, mo sì mú un ṣáájú ₦900. Àwọn tí mo tún fi hàn gbà á.

Ọjọ́ 7 ni kò tíì bára mu. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá lọ lọ́jọ́ Ajé, àwọn kan ní Ọjọ́ Àìkú ni ó tán, àwọn kan ní Ajé tó ń bọ̀.

* * *

Lọ́yà Orí Pápá:

Kọ déètì gan-an sínú àtẹ̀jíṣẹ́: “Ẹ san án kó tó di aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ báyìí.” Kò sẹ́ni tó máa ka ọjọ́ mọ́.

* * *

Ọmọ Sábó:

Ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè ṣi déètì tẹ̀.

* * *

Lọ́yà Orí Pápá:

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mọ́. Bó bá ṣi déètì tẹ̀, èyí tó tẹ̀ lẹ máa tẹ̀ lé.

* * *

Ìyá Olúwo:

Ẹ dákun, kò sẹ́ni tó béèrè èyí tó kàn mí. Tí wọ́n bá ti firísà pa nígbà tí ẹja kún inú rẹ̀, tí ẹja jẹrà, ta ló máa san owó ẹja? Tí wọ́n bá sì wá gbé e, ṣé mo lè kó ẹja mi jáde kí wọ́n tó gbé e?

* * *

Ọmọ Sábó:

Ìyá, kò sí nínú ímeèlì àkọ́kọ́, kò sí nínú ti Bàbá, mo wo ìwé àdéhùn náà láti orí dé ìsàlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ mọ́ ti ọjọ́ 30 tí mo máa gbé lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, kí ni kí n sọ fún kọ́stọ́mà tó bá béèrè rẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó dé?

* * *

Lọ́yà Orí Pápá:

Sọ fún un pé ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Má dáhùn rẹ̀ lórí fóònù.